Àkókò àti Ẹ̀rín: Bí a Ṣe Lè Yí Fíìmù Kúkurú Padà sí Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè fi àkọlé ìsàlẹ̀ àti ohùn Yorùbá sí fíìmù kúkurú tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò fi ní tayọ àkókò rẹ̀, tí àwàdà inú rẹ̀ kò sì ní kú. Fíìmù kátúùnù *Falling Hare* tó jáde ní ọdún 1943 ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí pépà náà fi hàn ni pé àwàdà kan ṣoṣo lè nílò ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan fún ojú tó ń kàwé, èkejì fún etí tó ń gbọ́rọ̀, nítorí pé ohun tó ń de olùtúmọ̀ lọ́wọ́ nínú àkọlé yàtọ̀ sí èyí tó ń dè é lọ́wọ́ nínú ìpààrọ̀ ohùn.

Ìfáàrà

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé fíìmù tí a túmọ̀ lọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Abájí, a rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi kọ àkọlé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń jáde lásìkò. Níwájú àwọn ọmọ náà, ìbẹ̀rẹ̀ dára. Nígbà tó di àárín fíìmù, ẹnu ti ń sọ̀rọ̀ kí àkọlé tó dé. Ní ìparí, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń já bọ̀ wálẹ̀ tó sì ṣàdédé dúró sójú òfuurufú nítorí pé epo rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín kò jáde rárá. Fíìmù ti parí kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ọmọkùnrin kan gbójú sókè, ó ní, "Sà, kí ló dá ọkọ̀ náà dúró?"

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni pépà yìí fẹ́ dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ìtumọ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì nínú fíìmù. Àwọn fíìmù Túndé Kèlání, bíi *Ṣaworoidẹ*, ti mú un mọ́ wa lára láti máa ka Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìpadàbọ̀, láti èdè mìíràn sí Yorùbá, ni a kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn ará ibí yìí tó gbọ́ Háúsá mọ bí fíìmù Íńdíà ṣe ń dùn nígbà tí àwọn ará Kánò bá ti pààrọ̀ ohùn inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò lọ kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní Abájí, láàárín àwọn ọmọ tó ń sọ Ẹ́bìrà, Gbàgí, Ganagana, Núpé àti Háúsá nílé, nílò irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí èdè kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu kì í dúró de àwàdà tó pẹ́ dé. Yóò kàn yíjú sí ibòmíràn ni.

Fíìmù tí a yàn

Bob Clampett ló darí *Falling Hare* fún ilé-iṣẹ́ Warner Bros. Mel Blanc ló sì sọ̀rọ̀ fún Bugs Bunny, ehoro tó jẹ́ ọ̀gá inú rẹ̀. Fíìmù náà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 8. Ehoro yìí jókòó sórí bọ́ǹbù ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun, ó ń ka ìwé kan tó ní àwọn iwin kéékèèké ló ń ba ọkọ̀ òfuurufú jẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín pé irọ́ ni. Láìpẹ́, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń fi òòlù lu bọ́ǹbù tó jókòó lé. Iwin náà ni. Àwọn méjèèjì bá ara wọn nínú ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ sì gbéra. Nígbà tó yá, ọkọ̀ dorí kodò, ó ń já bọ̀.

A yan fíìmù yìí nítorí pé ó kúrú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, àwàdà rẹ̀ sì le láti túmọ̀. Ìdí kejì jẹ mọ́ òfin. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà, ẹni tó ni fíìmù gbọ́dọ̀ tún ẹ̀tọ́ rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nígbà tó bá pé ọdún 28. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún fíìmù yìí, ó sì di ti gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Orúkọ àti àwòrán ehoro náà ṣì jẹ́ àmì òwò ilé-iṣẹ́ tó ni ín, nítorí náà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a ti lò ó, a kò tà á. Bí ẹ bá yan fíìmù tuntun, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ín, nítorí pé lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀tọ́ ìtumọ̀ wà lára ohun tó jẹ́ ti olówó rẹ̀.

Ìwé iṣẹ́ tó ṣáájú ìtumọ̀

Àṣìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, kí wọ́n tó wá máa wá àyè fún un nínú fíìmù. Àyè náà kì í tó. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé a ó ya òpó mẹ́rin sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ ohunkóhun. Òpó kìíní gba àkókò tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tó parí. Òpó kejì gba iye sílébù tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òpó kẹta gba ohun tí àwòrán ń ṣe: ṣé ẹnu hàn gbangba, àbí ẹ̀yìn ni ó kọ sí wa, àbí ó ń nawọ́ sí nǹkan? Òpó kẹrin gba iṣẹ́ tí gbólóhùn náà ń ṣe, ní ọ̀rọ̀ ti ara wa: ó ń bínú, ó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń tọrọ àforíjì. A kò kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an sórí ìwé yìí, kí ojú má baà máa sá padà sí i.

Sílébù ṣe pàtàkì nítorí pé òun ni a fi ń wọn gígùn ọ̀rọ̀ ẹnu. Kíka sílébù Yorùbá rọrùn: iye fáwẹ̀lì tí a bá pè ni iye sílébù, a ó sì fi ń àti ǹ tó bá dá dúró kún un. Bí a bá fa fáwẹ̀lì gùn, bíi nínú *ṣáà*, méjì ni. Bí a bá pa fáwẹ̀lì jẹ, tí *rí epo* di *répo*, sílébù kan ti lọ. Ìpajẹ yìí ni ọbẹ tí olùtúmọ̀ fi ń gé aṣọ. Ẹni tó bá kọ *kò rí epo rà* lè dín in kù sí *ò répo rà* láìjẹ́ pé ìtumọ̀ yí padà, bí a sì ti ń sọ̀rọ̀ nílé gan-an nìyẹn.

Ẹ wo gbólóhùn tí iwin náà fi sọ fún àwọn òǹwòran ní ìparí pé kí wọ́n má bínú, epo ti tán nínú ọkọ̀. Sílébù 8 ni ní Gẹ̀ẹ́sì. *Ẹ má bínú, epo ti tán.* Ẹ kà á: ẹ, má, bí, nú, e, po, ti, tán. Mẹ́jọ ni. Gbogbo gbólóhùn kì í rọrùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí iye bá ti wà lórí ìwé, ẹni tó ń túmọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́

Nígbà tí ehoro kọ́kọ́ rí iwin, ó ń ráhùn fúnra rẹ̀, ó ń ronú bóyá ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn lè jẹ́ iwin. A kọ́kọ́ pè é ní egbére. Àgbàlagbà kan nínú wa ló rán wa létí pé egbére máa ń gbé ẹní kiri, ẹkún ló sì máa ń sun. Èyí tó wà nínú fíìmù ń rẹ́rìn-ín, òòlù ló mú lọ́wọ́. Òǹwòran tó mọ egbére yóò máa wá ẹní. *Iwin* kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá, sílébù méjì ló sì ní, bíi ti orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ibi tí wàhálà wà ni èsì tí iwin fọ̀. Ó sún mọ́ etí ehoro, ó pariwo pé kì í ṣáà í ṣe Wendell Willkie. Willkie ni ẹni tó bá Ààrẹ Roosevelt du ipò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1940, tó sì fìdí rẹmi. Ní 1943, gbogbo òǹwòran ló mọ orúkọ yẹn. Lónìí, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà gan-an kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí a bá kọ orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, a ti jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀rọ̀, a sì ti pa àwàdà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dábàá pé kí a fi orúkọ olóṣèlú ilẹ̀ wa kan sí i. Ẹ̀rín sọ nínú yàrá, ṣùgbọ́n mo ní kó yọ ọ́. Ìdí kan ni pé fíìmù tí a fẹ́ fi kọ́ ọmọ fún ọdún mélòó kan kò gbọ́dọ̀ gbọ́jọ́ orí lé orúkọ tí yóò di ti Willkie lọ́la. Ìdí kejì ni pé ní ilé-ìwé, orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń pín òǹwòran sí méjì: àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, àwọn kan yóò fajú ro.

A padà sí òpó kẹrin. Kí ni gbólóhùn náà ń ṣe? Ó ń fi ẹni tó béèrè ohun tó hàn gbangba ṣe yẹ̀yẹ́, nípa dídárúkọ ènìyàn ńlá kan tí kò lè wà níbẹ̀. Yorùbá mọ irú èsì yìí dáadáa. Ipò ni a kàn fi rọ́pò orúkọ: *Kì í ṣe gómìnà!* Sílébù mẹ́fà ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Kì, í, ṣe, gó, mì, nà: mẹ́fà náà ni. Ẹnìkan ní kí a lo mínísítà, nítorí pé Àbújá kò ní gómìnà, mínísítà ló ń ṣàkóso rẹ̀. Àwàdà náà dára fún Abájí, ṣùgbọ́n sílébù keje wọlé, ó sì tayọ ibi tí ẹnu ti pa dé.

*Kì í ṣe gómìnà* ni a fi sí àkọlé ìsàlẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú àkọlé, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dún. Ẹni tó bá mọ̀ pé olóṣèlú ni Willkie yóò rí i pé a kò kúrò nínú òṣèlú.

Nígbà tí a dé orí ìpààrọ̀ ohùn, gbólóhùn kan náà kùnà. Ẹnu iwin náà kún ojú àwòrán, òǹwòran sì rí ètè tó ká jọ fún *w*, àti ahọ́n tó gbéra fún *l*. *Gómìnà* ní *m* láàárín, ètè akọrin wa sì pa dé níbi tí ti iwin ti ṣí sílẹ̀. Ojú ọmọdé tètè máa ń rí èyí, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń rí. Yóò ní, "Kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀."

Òfin ètè kò pọ̀. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin ló ń pa ètè dé pátápátá ní Yorùbá: b, m, p àti gb. Ìyẹn ni pé níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti lo b, m tàbí p, ọ̀kankan nínú mẹ́rin wa lè bọ́ síbẹ̀, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. *W* àti fáwẹ̀lì *o*, *u* máa ń ká ètè jọ. Èyí tó kù kì í hàn púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a nílò òfin yìí: bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá kọ ẹ̀yìn sí wa tàbí tó wà lókèèrè, a ní òmìnira. Ibi tí ẹnu bá ti kún àwòrán nìkan ni kí a ti fi ètè ṣe ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ tó wọ ẹnu iwin náà ni *wòlíì*: *Kì í ṣe wòlíì!* Sílébù mẹ́fà ni. Ètè ká jọ níbi *wò* gẹ́gẹ́ bí ó ti ká jọ fún Willkie, ahọ́n sì gbéra níbi *lí*. Ehoro ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó rí, iwin sì dá a lóhùn pé kì í ṣáà ṣe wòlíì ló yọ sí i. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Yorùbá, àwọn mùsùlùmí àti àwọn onígbàgbọ́ sì jọ ń lò ó, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nínú kíláàsì wa. Báyìí ni àwàdà kan ṣe ní ìtumọ̀ méjì. Àkọlé ní gómìnà, ohùn ní wòlíì. Kì í ṣe àìṣedéédéé. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń dún ló de àkọlé, ètè tó ń mì ló de ìpààrọ̀ ohùn.

Ohun kan kù nípa igbe. Ẹni tó bá ń pariwo máa ń fẹ́ gbé gbogbo sílébù lọ sókè. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí *wòlíì*, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì tó wà níbẹ̀ parẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún akọrin yín pé kí ó fi agbára kún ohùn, kí ó má fi gíga kún un, kí òkè àti ìsàlẹ̀ wà ní àyè wọn. A dán an wò nípa jíjẹ́ kí ẹni tí kò mọ fíìmù náà kọjú sí ògiri, kí ó gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì sọ ohun tó gbọ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, a tún un gbà.

Lẹ́tà A tó wà lára gíláàsì

Àwàdà ìkẹyìn ló le jù, nítorí pé àwòrán wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí iwin ti ní epo tán, ehoro nawọ́ sí bébà kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀, lẹ́tà A wà lára rẹ̀, ó sì ní kí òǹwòran ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ káàdì A ti rí. Láti ọdún 1942, lásìkò ogun, ìjọba Amẹ́ríkà ń pín epo ní ìwọ̀n. Ẹni tí káàdì rẹ̀ jẹ́ A ló ń gba èyí tó kéré jù, nǹkan bíi gálọ̀nù 4 lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ju bíi lítà 15 lọ. Òǹwòran ìgbà náà ní irú bébà yẹn lára ọkọ̀ tirẹ̀ níta sinimá.

Ọ̀wọ́n epo kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dúró ní ìlà epo lójú ọ̀nà Abájí sí Lọ́kọ́ja. Nítorí náà a kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: *Ẹ ṣáà mọ bí epo ṣe wọ́n.* Ìtumọ̀ yé gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ń béèrè pé kí ni ó ń nawọ́ sí. Ìka wà lójú àwòrán, lẹ́tà A wà níbẹ̀, a kò sì lè pa wọ́n rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dá ìka lóhùn, òǹwòran mọ̀ pé a ti fi nǹkan pa mọ́ fún òun.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ló tú u. *A* ní Yorùbá jẹ́ ọ̀rọ̀ odidi, arọ́pò orúkọ ni. Ẹni tó bá ka A lára gíláàsì lè máa ka gbólóhùn lọ: *Ẹ ṣáà rí i: A ò répo rà!* Gẹ̀ẹ́sì ní sílébù mẹ́wàá. Ẹ, ṣá, à, rí, i, márùn-ún nìyẹn. A, ò, ré, po, rà, márùn-ún mìíràn. Mẹ́wàá pé. Ehoro nawọ́, ó ka lẹ́tà náà bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, àìrí epo rà sì jáde láti inú rẹ̀. Akọrin ní láti dúró díẹ̀ ṣáájú *A*, kí ó lè bọ́ sórí lẹ́tà náà nígbà tí ìka bá kàn án.

Nínú àkọlé, gbólóhùn yìí di ìlà méjì, kí A lè wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà níbi tí ojú yóò ti tètè rí i. Bí fáìlì rẹ̀ ṣe ń rí nìyí. Àkókò inú rẹ̀ wà fún àpẹẹrẹ nìkan:

```
61
00:07:50,000 --> 00:07:51,800
Ẹ má bínú, epo ti tán.

62
00:07:52,200 --> 00:07:54,400
Ẹ ṣáà rí i:
A ò répo rà!
```

Ẹ kíyè sí i pé a kò kó gbólóhùn méjèèjì pọ̀ sójú kan. Bí a bá kó wọn pọ̀, ojú yóò ti ka àìrí epo rà kí iwin tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín yóò sì jáde ṣáájú ìka. Ojú máa ń sáré ju etí lọ. Gbólóhùn tó gbé àwàdà gbọ́dọ̀ dá dúró, kí ó sì yọ ní ìgbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí ó má ṣáájú.

Ní ti ìwọ̀n, àkọlé kì í ju ìlà méjì lọ, ìlà kan kì í sì ju àmì 42 lọ, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí ṣòwò ti ń ṣe é. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíka Yorùbá, mo máa ń fi àmì 12 sí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbólóhùn káàdì A jẹ́ àmì 24, àlàfo inú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ó nílò ìṣẹ́jú-àáyá 2. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé iye tí kọ̀ǹpútà bá kà fún yín. Lẹ́tà tó ní àmì sísàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀, bíi ọ̀ tàbí ẹ́, méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà á. *Ọ̀wọ́n* jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin lójú wa, mẹ́fà ni lójú rẹ̀. Yóò máa kì yín nílọ̀ pé àkọlé ti gùn jù, ẹ ó sì máa gé ohun tí kò yẹ ní gígé. Ẹni tó bá sì tìtorí rẹ̀ yọ àmì ohùn kúrò ti fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sínú àpò kan. Ẹ fi fáìlì náà pamọ́ ní UTF-8, kí ẹ sì dán *Ẹ̀rín ọ̀wọ́n* wò lórí ẹ̀rọ tí ẹ ó lò gan-an. Bí àmì bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí tí àpótí òfìfo jáde, ìrísí lẹ́tà ni kí ẹ pààrọ̀.

Ohùn àti orin lójú ìlà kan

Nínú fíìmù òde òní, ohùn ènìyàn wà lọ́tọ̀, orin àti ariwo wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá ń pààrọ̀ ohùn lè gba èyí tí kò ní ọ̀rọ̀. Fíìmù 1943 tó wà lọ́wọ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀, ìlù, fèrè àti òòlù wà lójú ìlà kan ṣoṣo. Bí a bá pa ohùn Gẹ̀ẹ́sì, orin kú pẹ̀lú rẹ̀, orin sì ni ó ń gbé ìdajì àwàdà kátúùnù.

Ohun tí a ṣe ni pé a kò pa gbogbo rẹ̀. A gé ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìkan nínú Audacity, a sì fi ariwo ẹ́ńjìnnì tàbí afẹ́fẹ́ tó wà níbòmíràn nínú fíìmù kan náà dí àlàfo náà kí ohùn Yorùbá tó gorí rẹ̀. Ìparí rọrùn jù, nítorí pé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ariwo ìjábọ́ ti dá. Níbi tí orin àti ọ̀rọ̀ ti so kọ́ra, a kò fọwọ́ kàn án. A jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì dún níbẹ̀, àkọlé sì ṣe ìyókù. Ààlà iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó sì sàn ju fíìmù tí orin rẹ̀ ń já lójijì lọ. Àṣẹ tí a fi so ohùn tuntun mọ́ àwòrán kúrú:

```
ffmpeg -i fiimu.mp4 -i ohun.wav -map 0:v -map 1:a -c:v copy -c:a aac fiimu_yo.mp4
```

Nígbà tí àkókò bá sá

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lè dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn wàyí. Fíìmù jẹ́ fọ́tò tó ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀dà tí a fi ṣiṣẹ́ ń lo fọ́tò 23.976 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí a gbé lọ sí ilé-ìwé ń lo 25. Fọ́tò kan náà ni, èkejì kàn ń sáré ni. Fíìmù ìṣẹ́jú-àáyá 480 di nǹkan bíi 460. Àkọlé tí a fi sí 470 kò ní ibi tí yóò ti jáde mọ́.

Bí a ṣe ń dá àrùn yìí mọ̀ rọrùn. Bí àkọlé bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì tún pẹ́ ní 2 ní ìparí, a kàn ní láti ti gbogbo rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ tí àlàfo sì ń gbòòrò bí fíìmù ti ń lọ, ìyára fọ́tò ló yàtọ̀, títì síwájú kò sì lè wò ó sàn. Nínú Subtitle Edit, a lè yan ìyára tuntun, tàbí kí a gbé gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn sí àyè wọn, kí ó sì pín ìyókù láàárín wọn. Nítorí náà, ibi méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó pe òǹwòran jọ: ìṣẹ́jú kìíní àti ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Ìṣẹ́jú kìíní nìkan ni àwa yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Ìgúnlẹ̀

A padà sí ilé-ìwé náà lẹ́yìn oṣù kan, pẹ̀lú ẹ̀dà tí ohùn Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ já bọ̀, ó dúró, iwin tọrọ àforíjì, ehoro nawọ́. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ pariwo kí ẹ̀rín tó sọ: "A ò répo rà!" Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn bí bọ́ọ̀lù bá jò lórí pápá. Olùkọ́ wọn sọ fún mi pé àwọn tí kì í sọ Yorùbá nílé náà ń lò ó, wọ́n sì ń pa fáwẹ̀lì *rí epo* jẹ bó ṣe yẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ìpajẹ.